Orúkọ Mi Ló Máa Wà Lórí Rẹ̀

Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òpè kan ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀. Bí ìwé báǹkì àti lẹ́jà, ìwé tí àwa ń kọ owó sí, kò bá bára mu, á ti rí ibi tí wọ́n ti yapa kí àwa tó wá gègé. Ṣùgbọ́n bó ṣe mọ iṣẹ́ náà tó, bẹ́ẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ènìyàn sílẹ̀ tó. "Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́?" ni orin tó máa ń kọ sí mi létí. Á ti òkèèrè ju ìwé sórí tábìlì mi, á ní kí n dìde dúró, kí gbogbo ọ́fíìsì lè rí ẹni tí kò mọ ìṣirò.

Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Mo ṣì ń ṣe ìdánwò láti di akáńtáǹtì nígbà yẹn, ẹni tó bá sì ti gba ọ̀nà yẹn kọjá mọ̀ pé ìdánwò nìkan kò tó. Ẹgbẹ́ akáńtáǹtì máa ń béèrè ẹ̀rí pé o ti ṣiṣẹ́ náà lójú ayé, ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ ló sì máa fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi ni ẹni náà. Kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá fẹ́ lanu, á ní, "Ìwé rẹ ṣì ń bọ̀ wá bá mi." Nítorí náà, kì í ṣe pé n kò ní ẹnu. Ohun tí mo ti ná lórí ìdánwò yẹn, owó àti oorun, ni mo ń rò.

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ wa le, pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ le náà. Mo gbà pé àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà. Máníjà wa fúnra rẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí máníjà bá dá iṣẹ́ padà, á fàlà sábẹ́ nọ́ńbà kan, á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ìwé wo ló ti èyí lẹ́yìn?" Mo mọ ohun tí mo fẹ́ lọ wá. Ti ọ̀gá mi kì í rí bẹ́ẹ̀. Á ní iṣẹ́ náà kò dára, kò ní sọ ìlà tí kò dára, bí mo bá sì bi í, á ní bí mo bá jẹ́ akáńtáǹtì lóòótọ́, mo yẹ kí n ti mọ̀. Ohun kan tún wà tó pẹ́ kó tó yé mi. Mo máa ń parí iṣẹ́ ìparí oṣù kí àkókò tó tó, màá fi ránṣẹ́ sí i kó yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní ṣí i títí di ọ̀sán ọjọ́ tí ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ máníjà. Ìgbà yẹn ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé mo ti dá gbogbo ẹ̀ka dúró. Ẹni tí kò bá wo àkókò tí íméèlì wọlé àti àkókò tí wọ́n ṣí i, á gbà pé ọ̀lẹ ni mí.

Ọ̀rọ̀ 2,700 ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan wọ̀nyẹn.

Iṣẹ́ mi ni láti fi ìwé báǹkì wé lẹ́jà ní ìparí oṣù. Ohun tí báǹkì sọ pé ó jáde àti ohun tí àwa kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan, àyàfi àwọn tí a mọ ìdí rẹ̀, bíi sọ̀wédowó tí a ti kọ tí ẹni tó ni ín kò tíì lọ gbà. Ní oṣù yẹn, mo yọ gbogbo èyí tí a mọ ìdí rẹ̀ kúrò, ó ṣì ku 2,700 tí n kò rí ibi tó ti wá. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́: bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, kọ́kọ́ fura pé ẹnìkan ti gbé nọ́ńbà méjì fún ara wọn ní ipò. Mo fi 9 pín 2,700, ó jẹ́ 300 gééré. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn owó tí nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ inú wọn lè ti yí padà, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i. Báǹkì san 3,600 fún oníṣẹ́ kan. Ìwé ìsanwó tí wọ́n fọwọ́ sí wí pé 3,600. Lẹ́jà wa wí pé 6,300.

Kí n tó tún un ṣe, ọ̀gá mi ti rí i lórí tábìlì mi. Ó dúró sáàárín ọ́fíìsì. "Ẹ wá wo ọmọ tí kò mọ 36 yàtọ̀ sí 63! Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe akáńtáǹtì nìyí o!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà wọn. Mo jókòó, ojú gbà mí tì.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, mo ṣí ìtàn ìlà yẹn nínú ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà wa. Púpọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń lò ló ní ibi tí wọ́n ń pa á mọ́ sí pé ta ló kọ nǹkan, ta ló yí i padà, ní ọjọ́ wo àti ní aago mélòó. Tiwa ń fi í hàn lábẹ́ Created by àti Modified by. Lábẹ́ èkíní, orúkọ mi ló wà, pẹ̀lú 3,600. Lábẹ́ èkejì, orúkọ ọ̀gá mi ló wà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú 6,300. Ó jọ pé ó fẹ́ yí kóòdù ìnáwó náà padà ni, ó pa ohun tó wà nínú ìlà náà rẹ́, ó tún un tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì í. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ni. N kò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n kò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pè mí ní òpè lójú gbogbo ènìyàn, ìyẹn sì ni mo rí gbámú.

Mo tẹ ojú ewé yẹn jáde, mo fi í sínú fáìlì ìfiwéra báǹkì ti oṣù náà, níbi tó yẹ kó wà. N kò mú un lọ sílé. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ṣubú nìyẹn: inú á bí wọn, wọ́n á fi ìwé ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí íméèlì tara wọn, wọ́n á ya àwòrán orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà àkáǹtì sórí fóònù. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹ̀sùn ọ̀gá á ti kúrò nílẹ̀, tìrẹ ni wọ́n á máa gbọ́, torí pípa àṣírí mọ́ wà lára ìlànà márùn-ún tí ìwé ìwà ọmọlúàbí àwọn akáńtáǹtì lágbàáyé gbé kalẹ̀. Èmi ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ohun tí mo ń kọ sínú rẹ̀ kò ju ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà ìwé tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. N kò kọ bó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe pé kò dùn mí o. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ mí wò lè lọ wá nọ́ńbà ìwé náà nínú fáìlì, kò sì sí ibi tó ti fẹ́ wá ìrora mi.

Nǹkan kejì tí mo ṣe ni pásíwọ́ọ̀dù. Nígbà kan tí mo lọ ìsinmi, ọ̀gá mi ti gba pásíwọ́ọ̀dù mi pé kí iṣẹ́ má baà dúró, kò sì sẹ́ni tó ronú nípa rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ 2,700, ó wá sí mi lọ́kàn pé Created by yẹn ò wúlò fún nǹkankan bí ẹlòmíràn bá lè fi orúkọ mi wọlé. Ohun tó gbà mí lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn pé orúkọ tirẹ̀ ló fi ṣe àtúnṣe, ọpẹ́lọpẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ni. Mo yí pásíwọ́ọ̀dù padà, mo sì kọ íméèlì sí ẹni tó ń mójú tó àwọn kọ̀ǹpútà pé mo ti yí i padà, pé láti ọjọ́ náà lọ èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Kókó íméèlì yẹn ni ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Ìparí ọdún wá dé.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé èyí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ni ọdún ìṣirò wa ń parí. Oníbàárà ńlá kan ti béèrè ọjà tí owó rẹ̀ tó 480,000. Ọjà náà kò kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí wa títí di ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, ọjọ́ 4 ni oníbàárà náà sì gbà á tó fọwọ́ sí ìwé ìgbọjà. Àdéhùn wa pẹ̀lú rẹ̀ ni pé tiwa ni ọjà títí tó fi máa dé ọwọ́ rẹ̀. Bí òjò bá pa á lójú ọ̀nà, àwa ni òjò pa. Ìlànà ìṣirò IFRS 15, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, sọ pé ìgbà tí àṣẹ lórí ọjà bá bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà ni kí o tó kà á sí owó tó wọlé. Nítorí náà ọdún tuntun ló ni 480,000 yẹn, kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀.

Ọ̀gá mi wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ń ti ìwé ọdún pa. Ó fi ìbéèrè ọjà náà síwájú mi. Ó ní, "Ṣe ínfọ́ìsì rẹ̀, fi ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá sí i, kí o sì gbé e wọ ọdún tó kọjá." Mo ní, "Sà, ọjà ò tíì kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn." Ó ní, "Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè ni?"

Ohun tó fẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n ti fún ẹ̀ka títà ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà lọ́dún náà, wọ́n kù díẹ̀ káàtó, ọ̀gá mi sì ti ṣèlérí fún ẹnìkan lókè pé ìwé á rẹwà. Mi ò mọ ẹni tó ṣèlérí fún, n kò sì fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà. Alẹ́ ọjọ́ 31 ni a ka ọjà tó wà nílẹ̀, ọjà oníbàárà yìí sì wà lára ohun tí a kà. Bí mo bá tún kọ ọ́ pé a ti tà á ní ọjọ́ 30, ọjà kan náà ti wà níbi méjì: ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí wa, ó tún wà lára gbèsè tí oníbàárà jẹ wá. Èrè ọdún náà á fi gbogbo 480,000 pọ̀ sí i, torí kò sí iye owó ọjà tó máa dín in kù. Bí èèyàn bá sì fẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀, á ní láti lọ yí ìwé tí a fi ka ọjà padà. Irọ́ kan á bí èkejì.

Àwọn ọ́dítọ̀ tó máa ń wá yẹ ìwé ọdún wò mọ ibí yìí ju ibi gbogbo lọ. Wọ́n máa ń mú ìwé ìgbọjà ìgbẹ̀yìn nínú ọdún àti àwọn àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, wọ́n á fi ọjọ́ orí wọn wé ọjọ́ orí ínfọ́ìsì. Ohun tó máa bá wọn lójú kò ṣòro: ínfọ́ìsì oṣù Kejìlá, ìwé ìgbọjà oṣù Kìíní. Wọ́n á wá wo ẹni tó gbé e wọlé. Èmi ni wọ́n máa rí. Ọ̀gá mi kò ní kọ nǹkankan sílẹ̀, ẹnu lásán ló fi pàṣẹ.

Nítorí náà mo ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi íméèlì kan ránṣẹ́ sí mi lórí rẹ̀, kí n lè so ó mọ́ ínfọ́ìsì." Ó wò mí bí ẹni rí aláìní. Ó ní bí n kò bá tíì gbé e wọlé kó tó di aago méjì, kí n máa wá ẹlòmíràn tó máa fọwọ́ sí ìwé ìrírí mi.

Mo jókòó, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tó rọ̀ díẹ̀, mo kọ íméèlì náà fúnra mi. Mo rántí rẹ̀ dáadáa nítorí mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí tí kò fi ku ọ̀rọ̀ ìbínú kankan nínú rẹ̀. Báyìí ló rí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ní òwúrọ̀ yìí, ẹ ní kí n ṣe ínfọ́ìsì 480,000 fún oníbàárà yìí pẹ̀lú ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá. Ìwé ìgbọjà tó wà lọ́wọ́ mi fi hàn pé ọjọ́ 4, oṣù Kìíní ló gba ọjà, ọjà náà sì wà lára èyí tí a kà ní alẹ́ ọjọ́ 31. Lójú tèmi, ọdún tuntun ló ni ín. Bí ìwé mìíràn bá wà tí n kò tíì rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ní báyìí ná, n kò tíì gbé e wọlé."

Òun nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí. N kò fi orúkọ máníjà kún un. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń bójú tó owó àwọn tí a jẹ ní gbèsè sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojo ni mí, pé ó yẹ kí n ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Mi ò gbà. Ìwé ìwà àwọn akáńtáǹtì, ní abala 270 tó sọ nípa ìfipámúni rú ìlànà, ka bíbá ẹni tó ń fipá mú ọ sọ̀rọ̀ mọ́ ohun tí o lè ṣe, kí o tó gbé e lọ sókè. Ó tún dára fún ẹjọ́ rẹ: kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé o kò fún un láàyè láti ṣàlàyé.

Kò fèsì. Ó wá bá mi. Aago méjì ò tíì lù. Ó dúró lórí mi, ó ní, "Ìwọ! O ń kọ ìwé sí mi? Ìwọ tí kò mọ 36 yàtọ̀ sí 63?"

Mo dìde. N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ 36 tó tún gbé jáde yẹn ló fún mi lágbára, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ara mi, kò sì ga rárá. Mo ní, "Sà, 3,600 ni mo kọ. Orúkọ yín ló wà lórí 6,300. Ojú ewé rẹ̀ wà nínú fáìlì báǹkì, ẹ lè wò ó. N kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni pé ọwọ́ ṣini. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pè mí ní òpè mọ́."

Ó ní kí n jókòó.

Mo ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. N kò ní gbé 480,000 yẹn wọ ọdún tó kọjá. Bí ó bá dá yín lójú pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà, ẹ fi orúkọ tiyín gbé e wọlé, ẹ ní àṣẹ rẹ̀. Tèmi kò ní wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, màá gbọ́, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má pariwo mọ́ mi mọ́."

Mo ti ń rò ó láti oṣù mélòó kan pé ní ọjọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó ti ṣe sí mi ni màá tú síta, látorí ìwé tó ń jù títí dé ọ̀rọ̀ alẹ́ tó fi ń ránṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò fẹ́ sọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìlà méjì inú lẹ́jà tó mi. Ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ínfọ́ìsì ká a lára ju ọ̀rọ̀ ariwo lọ, nítorí ó yí ohùn padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní èmi ni mi ò gbọ́ òun yé, pé òun kàn ní kí n "múra" ínfọ́ìsì náà sílẹ̀ ni. Máníjà ti jáde láti yàrá rẹ̀. Ó bèèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi ní kò sí nǹkankan. Mo ní, "Mà, íméèlì kan wà tí mo kọ sí ọ̀gá ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n fi hàn yín." Kò lè ní òun ò gbà.

Ọ̀rọ̀ 480,000 parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọdún tuntun ni ó wọ̀. Ti ariwo ni kò tètè parí.

Máníjà ní kí n kọ ẹ̀sùn mi sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mo kọ ọ́ ní ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní sọ nípa ínfọ́ìsì nìkan. Èkejì sọ nípa bó ṣe ń ṣe sí mi: ọjọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ, ẹni tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó fi pamọ́ títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn, pẹ̀lú aago íméèlì mi àti aago tó ṣí i. Bí mo bá kó wọn pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dá a láre á wí pé àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí ìṣirò ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí mo yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwé kejì ní láti dá dúró fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní láti dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé ṣe ní 2019, nọ́ńbà rẹ̀ ni 190, tó sọ pé ìwà ìdẹ́rùbani àti ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́ kò tọ́. Àwọn ẹ̀ka òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Mi ò mẹ́nu kàn án nínú ìwé mi, torí n kò fẹ́ kó jọ pé agbẹjọ́rò ló kọ ọ́.

Kò rọrùn. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ náà bi mí ju ìgbà kan lọ bóyá kì í ṣe pé ara mi ló fúyẹ́ jù. Nínú àwọn tí mo kọ orúkọ wọn pé wọ́n wà níbẹ̀, púpọ̀ ní àwọn ò gbọ́. Ọ̀kan sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ọmọ lòun ń tọ́, kí n má bínú. Mi ò bínú sí i. Ẹ̀gbọ́n tó pè mí ní ojo nìkan ló lọ síwájú wọn tó sọ ohun tó rí, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi iyọ̀ sí i. Lórí ariwo, ẹ̀rí mi kò ju ẹnu ènìyàn lọ, ẹnu ènìyàn sì máa ń bẹ̀rù. Ohun tó gbé mi dúró ni aago íméèlì wọ̀nyẹn. Wọ́n tò wọ́n léra, oṣù lórí oṣù, ó hàn gbangba pé iṣẹ́ mi kì í pẹ́, pé orí tábìlì rẹ̀ ló ti ń sùn.

Wọn ò lé e. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì gba àṣẹ àtúnṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: ìlà tí ẹnìkan bá ti kọ sínú lẹ́jà, kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Máníjà ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé ìrírí mi. Inú mi ò dùn sí gbogbo rẹ̀. Máàkì tí wọ́n fún mi lọ́dún yẹn lórí "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" lọ sílẹ̀, ọ̀gá mi ló sì fún mi kí ẹjọ́ náà tó parí. Mo kọ ìwé pé kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò, wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwa àti ọ̀gá mi kò di ọ̀rẹ́. Á kí mi, màá dá a lóhùn, "Ẹ káàárọ̀, sà," kò ju bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dá iṣẹ́ mi padà báyìí, ó máa ń fàlà sábẹ́ nọ́ńbà. Lóṣù kan, ó tilẹ̀ rí àṣìṣe gidi kan níbi tí mo pín owó adójútòfò ọdún kan sí oṣù méjìlá, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé oṣù kẹta ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù kìíní. Òótọ́ ló sọ, mo sì tún un ṣe.

Àwọn ọ́dítọ̀ dé ní oṣù Kejì. Ọmọdébìnrin kan láàárín wọn mú ìwé ìgbọjà ìgbẹ̀yìn ọdún àti àkọ́kọ́ ọdún tuntun, bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ṣe, ọjà 480,000 yẹn sì bọ́ sínú èyí tó ṣà. Ó ní kí n mú ínfọ́ìsì rẹ̀ wá. Mo mú un wá. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí méjèèjì, ó fi àmì sí i, ó sì bi mí bóyá ìwé owó iná oṣù Kejìlá ti dé.

Mo ní kò tíì dé, ṣùgbọ́n a ti ka owó náà mọ́ gbèsè ọdún náà. Ó ní kí n fi ìṣirò rẹ̀ han òun.